Ìdá Kan Nínú Mẹ́rin, àti Àwọn Tó Ń Ṣì Í Kà

Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó níwájú dókítà, tàbí níwájú pásítọ̀ tó ń yẹ ìwé jẹnotáìpù wò kí ó tó fọwọ́ sí ìgbéyàwó, ti gbọ́ gbólóhùn yìí rí: bí ọkọ bá jẹ́ AS tí ìyàwó náà sì jẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ìṣeéṣe pé ọmọ tí wọ́n bá bí yóò jẹ́ SS, ìyẹn ọmọ tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde yóò máa bá fínra. Òótọ́ ni gbólóhùn náà. Ohun tí àwọn èèyàn ń mú kúrò níbẹ̀ lọ sílé ni wàhálà.

Ọkọ kan á ní, "Ṣebí ọ̀kan nínú mẹ́rin ni? Ẹ jẹ́ ká bí mẹ́ta ká dúró." Ìyàwó tí àkọ́bí rẹ̀ jẹ́ SS á máa tu ara rẹ̀ nínú pé tiwọn ti kọjá, àwọn mẹ́ta tó ń bọ̀ lẹ́yìn ti bọ́. Ìyá ọkọ tó bí mẹ́fà láìmọ ohun tó ń jẹ́ jẹnotáìpù á fi ìka ka orí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á bèèrè èwo ni SS nínú wọn, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹnu mẹ́ta, àṣìṣe kan ṣoṣo. Wọ́n mú àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tí kò gbára lé ara wọn, wọ́n ń kà wọ́n bí ẹni ń ka àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tí kò lè jọ wáyé. Àwọn ọmọ girama náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò ìṣirò wọn, àmọ́ máàkì nìkan ni tiwọn ń gbà lọ́wọ́ wọn.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé wa, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn ti wá. Lọ́dún 1949, James Neel ní Amẹ́ríkà àti E. A. Beet, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní apá gúúsù Áfíríkà, fi hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pé ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì ni ọmọ ti ń gba S kí ó tó di SS. Bàbá tó jẹ́ AS ní jíìnì méjì tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, A kan àti S kan. Ọ̀kan péré ni yóò fún ọmọ, èyíkéyìí sì lè jẹ́: ìdajì fún A, ìdajì fún S. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìyá. Àtọ̀ tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹyin kò bi ẹyin léèrè ohun tó gbé dání. Bí a bá tilẹ̀ mọ̀ pé S ni bàbá fi sílẹ̀, ìyẹn ò sọ ohunkóhun fún wa nípa èyí tí ìyá fi sílẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní ìṣẹ̀lẹ̀ tí kò gbára lé ara wọn nìyẹn, ọ̀nà tí a sì fi ń mọ ìṣeéṣe pé méjèèjì á wáyé ni ìsọdipúpọ̀: 1/2 × 1/2 = 1/4. Bí SS ṣe jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin nìyẹn. Bí AA náà ṣe jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin nìyẹn.

AS ní ọ̀nà méjì tó lè gbà wọlé. Ó lè jẹ́ pé bàbá ló fún ọmọ ní A tí ìyá fún un ní S, ó sì lè jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọmọ kan ṣoṣo ò lè gba ọ̀nà méjèèjì wá sáyé. Bó bá ti gba èkíní, èkejì ti pa dé. Ìṣẹ̀lẹ̀ tí kò lè jọ wáyé nìyẹn, ìròpọ̀ sì ni tirẹ̀: 1/4 + 1/4 = 1/2. Nínú oyún kan péré, a ti lo ìsọdipúpọ̀, a sì ti lo ìròpọ̀, kálukú ní àyè tirẹ̀.

Ẹ wá wo ọmọ náà nígbà tó bá dáyé. Wọ́n gún un ní gìgísẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èsì sì jáde. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n á kọ síbẹ̀: AA, tàbí AS, tàbí SS. Bí wọ́n bá kọ AA, AS àti SS ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ayé. Torí náà, bí òbí bá bèèrè pé, "Kí ni ìṣeéṣe pé ọmọ wa ò ní í jẹ́ SS?" a ó ro AA àti AS pọ̀: 1/4 + 1/2 = 3/4. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ìròpọ̀ yìí kò lábùkù, nítorí kò sí ọmọ tó lè jẹ́ AA kó tún jẹ́ AS, kò sí ọmọ tí a lè kà lẹ́ẹ̀mejì.

Àmọ́ tí oyún kejì bá dé ńkọ́? Ẹyin mìíràn ni, àtọ̀ mìíràn ni. Ilé ọmọ ò ní ìwé gbèsè tí wọ́n ń kọ ọ́ sí pé "a ti bí SS kan níhìn-ín, ó ku mẹ́ta tí kì í ṣe SS." Yálà àkọ́bí jẹ́ SS tàbí kò jẹ́, ìdá kan nínú mẹ́rin náà ni ti àbúrò rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ìyàwó tó ń tu ara rẹ̀ nínú ti ṣì í. Lójú rẹ̀, bí SS àkọ́bí bá ti wáyé, SS ẹni kejì ò lè wáyé mọ́. Òótọ́ ni ìyẹn ìbá jẹ́ tó bá jẹ́ pé ọmọ kan náà là ń sọ. Ọmọ méjì ni wọ́n, àwọn méjèèjì sì lè jẹ́ SS: 1/4 × 1/4 = 1/16. Ìdílé kan nínú mẹ́rìndínlógún ni, ìyẹn kì í sì í ṣe nǹkan tó ṣọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ wa mọ ilé tó ti ṣẹlẹ̀, àwọn ará àdúgbò á sì máa wá ẹni tó fi ṣe wọ́n.

Àṣìṣe ìyá ọkọ le díẹ̀ ju ìyẹn lọ, torí pé ó jọ ìṣirò gidi. Ọmọ mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: 1/4 + 1/4 + 1/4 + 1/4 = 1. Ọ̀kan odindi, ìyẹn ni pé kò sí iyèméjì, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ SS. Ẹ fi ọmọ karùn-ún kún un, ìṣeéṣe á di 5/4, ó ti ju ohun tó dájú lọ nìyẹn. Kò sí ohun tó lè dájú ju dídájú lọ, torí náà ìṣirò yẹn ti wó.

Ibo ló ti wó? Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ méjì péré kí ó lè hàn kedere. Ẹ ro ìdílé mẹ́rìndínlógún, AS àti AS ni gbogbo wọn, ọmọ méjì méjì ni wọ́n sì bí. Bí ọ̀ràn bá lọ bí ìṣirò ṣe ní kó lọ, àkọ́bí á jẹ́ SS nínú ìdílé mẹ́rin. Ọmọ kejì á jẹ́ SS nínú ìdílé mẹ́rin. Ẹni tó bá ro wọ́n pọ̀ á ní ìdílé mẹ́jọ ló ní ọmọ SS, ìdajì gééré. Àmọ́ ìdílé kan wà nínú àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ tó tún wà nínú àwọn mẹ́rin ìkejì: ìdílé tí ọmọ méjèèjì ti jẹ́ SS. Ó ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìdílé méje ló wà níbẹ̀, kì í ṣe mẹ́jọ. Mẹ́sàn-án yòókù ò ní ọmọ SS kankan, mẹ́fà ní ẹyọ kan, ọ̀kan ní méjì.

Gbogbo àṣírí ìròpọ̀ wà nínú ìdílé kan tí a kà lẹ́ẹ̀mejì yẹn. Ìròpọ̀ lásán máa ń tọ̀nà bí kò bá sí ibi tí ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì ti lè pàdé. Bí wọ́n bá lè pàdé, àfi ká yọ ibi tí wọ́n ti pàdé kúrò: 1/4 + 1/4 − 1/16 = 7/16.

Fún ọmọ mẹ́rin, ọ̀nà tó rọrùn jù ni pé ká kọ́kọ́ wá ìṣeéṣe pé kò ní í sí SS rárá. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni pé ẹnì kan ò ní í jẹ́ SS, àwọn mẹ́rin ò sì gbára lé ara wọn, torí náà 3/4 × 3/4 × 3/4 × 3/4 = 81/256. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 32 nínú 100. Bí ìdílé ọgọ́rùn-ún bá bí mẹ́rin mẹ́rin, nǹkan bíi méjìlélọ́gbọ̀n nínú wọn ò ní í bí SS kankan, nǹkan bíi méjìdínláàádọ́rin á sì bí ó kéré tán ọ̀kan. Ìyá ọkọ tó ń wá SS kiri láàárín ọmọ-ọmọ mẹ́rin lè máa wá ohun tí kò sí. Ọkọ tó ní òun á dúró sórí mẹ́ta ńkọ́? 3/4 × 3/4 × 3/4 = 27/64, nǹkan bíi 42 nínú 100 pé kò ní í rí SS. Ohun tó kà sí ààbò kò tó ìdajì.

Mo ti gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò pé, "Àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tí kò lè jọ wáyé, ṣebí wọn ò ní nǹkan kan í ṣe pọ̀? Wọn ò gbára lé ara wọn nìyẹn." Òdìkejì rẹ̀ pátápátá lòótọ́. Ẹ wo ọmọ kan náà. Kí n tó mọ ohunkóhun, ìdá kan nínú mẹ́rin ni mo fún SS. Nọ́ọ̀sì wá sọ sí mi létí pé AA ni ọmọ. SS já láti ìdá kan nínú mẹ́rin sí òfo, lójú ẹsẹ̀. Ìròyìn wo ló tún lè yí nǹkan padà jù bẹ́ẹ̀ lọ? Àwọn tí kò lè jọ wáyé ló ń pinnu ara wọn jù lọ, torí wíwà ọ̀kan ni òpin èkejì. Bí nọ́ọ̀sì bá wá sọ fún mi pé AA ni àkọ́bí, èmi tó mọ̀ pé AS ni bàbá àti ìyá á sì bèèrè pé, "Àbúrò rẹ̀ ńkọ́?" nítorí ohun tó sọ yẹn ò tíì dá mi lóhùn.

Ìbéèrè tó ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan sọ fún yín pé èkíní ti ṣẹlẹ̀, kí ẹ wá wo ohun tí ẹ ti kọ sílẹ̀ fún èkejì. Bó bá di òfo, wọn ò lè jọ wáyé. Bí kò bá yí padà rárá, wọn ò gbára lé ara wọn. Bó bá gòkè tàbí tó wálẹ̀ díẹ̀, kò sí nínú ìkankan méjèèjì, irú ìyẹn sì pọ̀ láyé ju irú méjèèjì yẹn lọ. Nínú ìwé ìṣirò, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí: àwọn tí kò lè jọ wáyé, P(A ∩ B) = 0; àwọn tí kò gbára lé ara wọn, P(A ∩ B) = P(A) × P(B). Bí A àti B bá jẹ́ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ìsọdipúpọ̀ P(A) × P(B) ò lè jẹ́ òfo láéláé. Torí náà, ìṣẹ̀lẹ̀ méjì tó ṣeé ṣe ò lè wà ní ipò méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀tàn kan tún wà tí àpẹẹrẹ ọmọ lè kó báni. Ẹnì kan lè rò pé ọmọ kan ló ń fa "kò lè jọ wáyé", ọmọ méjì ló ń fa "kò gbára lé ara wọn". Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú dáìsì lúdò kan, kí ẹ jù ú lẹ́ẹ̀kan péré. Ìṣẹ̀lẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé 2, 4 tàbí 6 jáde, ìdajì ni. Ìṣẹ̀lẹ̀ kejì ni pé 1 tàbí 2 jáde. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni. Wọ́n lè jọ wáyé bí 2 bá jáde, ìdá kan nínú mẹ́fà nìyẹn, 1/2 × 1/3 sì ni 1/6. Dáìsì kan, ìjù kan, síbẹ̀ wọn ò gbára lé ara wọn. Ẹ wò ó lójú: nínú 1 àti 2, ìdajì ni 2 jẹ́, gẹ́gẹ́ bí 2, 4 àti 6 ṣe jẹ́ ìdajì gbogbo dáìsì. Ìròyìn kejì ò gbé àkọ́kọ́ kúrò níbi tó wà. Ẹ wá yí ìkejì padà díẹ̀, kó jẹ́ 1, 2 tàbí 3. Nínú mẹ́ta yẹn, 2 nìkan ló wà nínú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́. Ìdajì ti wálẹ̀ di ìdá kan nínú mẹ́ta. Wọ́n lè jọ wáyé, wọ́n sì gbára lé ara wọn. Nọ́ńbà kan péré la fi kún un, gbogbo nǹkan sì yí padà. Ojú lásán ò lè sọ ọ́, àfi kéèyàn kà á.

Àwa Yorùbá tí a ń bí ìbejì tó báyìí gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìṣirò ọmọ yìí pin sí. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìbejì wa, irú àwọn tó sọ Igbó-Ọrà di ìlú tí ayé mọ̀, ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lásán ni wọ́n níbi ọ̀rọ̀ jẹnotáìpù. Táíwò lè jẹ́ AA kí Kẹ́hìndé jẹ́ SS. Àmọ́ ìbejì tó bá ti inú ẹyin kan pín sí méjì, ohun tí èkíní bá jẹ́ ni èkejì jẹ́. Ìṣeéṣe pé àwọn méjèèjì á jẹ́ SS kì í ṣe 1/16 mọ́, 1/4 ni. Ẹni tó bá ń fi ìsọdipúpọ̀ ka irú ìbejì bẹ́ẹ̀ ti sọ ewu di kékeré lọ́nà mẹ́rin.

Irú ìsọdipúpọ̀ tí kò ní ẹ̀tọ́ yìí ti gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n. Sally Clark, agbẹjọ́rò kan ní England, pàdánù ọmọ ọwọ́ méjì, ọ̀kan lọ́dún 1996, èkejì lọ́dún 1998. Wọ́n ní ó pa wọ́n ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Roy Meadow sọ nílé ẹjọ́ lọ́dún 1999 pé nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀, ọmọ 1 nínú 8,543 ni ikú òjijì ń pa, torí náà kí ó pa méjì jẹ́ 1 nínú mílíọ̀nù 73. Ó sọ 8,543 di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, bíi pé ọmọ méjì tí ìyá kan bí, tí wọ́n jọ ní ẹ̀jẹ̀ kan náà, tí wọ́n jọ sùn nínú ilé kan náà, kò ní ohunkóhun tó so wọ́n pọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò ní Britain, Royal Statistical Society, sọ ní gbangba lọ́dún 2001 pé ìṣirò náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọdún 2003 ni ilé ẹjọ́ tú u sílẹ̀, nígbà tí ó hàn pẹ̀lú pé wọ́n ti fi èsì àyẹ̀wò kan nípa ọmọ kejì pamọ́. Ó kú lọ́dún 2007.

Nílé tiwa náà, ohun tí a mọ̀ àti ohun tí a kò mọ̀ nípa òbí ló ń pinnu bóyá ọmọ gbára lé ara wọn nínú ìṣirò wa. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ dúró lórí pé a ti mọ̀ pé AS ni bàbá, AS ni ìyá. Ẹ jẹ́ ká ní a ò mọ̀. Ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ pé nínú ìlú kan, ẹnì kan nínú mẹ́rin ni AS, àwọn yòókù sì jẹ́ AA, kò sì sí ẹni tó ń fi jẹnotáìpù yan ọkọ tàbí aya. Ìṣeéṣe pé àkọ́bí tọkọtaya kan níbẹ̀ á jẹ́ SS ni 1/4 × 1/4 × 1/4, ìyẹn 1/64. Ó kéré. Bí àkọ́bí náà bá wá jẹ́ SS, a ti mọ̀ láti ara rẹ̀ pé AS ni bàbá, AS ni ìyá, ti ọmọ kejì sì fò láti 1/64 lọ sí 1/4 lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ tí kò gbára lé ara wọn lójú ẹni tó mọ òbí wọn gbára lé ara wọn gidigidi lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Kò sí ohun tó yí padà nínú ara ìyá. Ìmọ̀ wa ló yí padà.

Èyí ló fà á tí ọmọ SS tí tọkọtaya bá bí, nígbà tí ìwé wọn ń pe ọ̀kan ní AA tó sì ń pe èkejì ní AS, fi jẹ́ ìròyìn nípa ìwé náà ju nípa oríire lọ. AA ò ní S tí yóò fún ọmọ, torí náà ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ pé àyẹ̀wò ló ṣì. Kí wọ́n tún un ṣe, àmọ́ kí àyẹ̀wò kejì má gbára lé àkọ́kọ́: kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ tuntun, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò mìíràn, kí wọ́n sì bèèrè bóyá ẹni náà ti gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹlòmíràn láàárín oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà síni lára lè wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọgọ́fà ọjọ́, kó sì máa jẹ́ orúkọ onítọ̀hún. Ẹni tó bá ṣe àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọgọ́fà ọjọ́ yẹn lè gba èsì mẹ́ta tó bá ara wọn mu, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ṣì í lọ́nà kan náà.